Ọ̀rọ̀ Tọkọtaya Lẹ́nu Ẹbí: Kí La Fẹ́ Ṣe Sí Ìbátan Tí Ó Ń Gbé Àṣírí Ilé Wa Káàkiri?

     

Akọ̀wé ẹgbẹ́ tọkọtaya yín kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àlàáfíà nínú ilé. Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò ju wákàtí kan lọ, kí wọ́n jẹ́ kí n di igun kan ṣoṣo mú nínú rẹ̀. Wọ́n gbà fún mi. Igun tí mo dì mú ni ti ìbátan wa tí ó máa ń gbọ́ ìṣòro tọkọtaya ní yàrá, tí gbogbo ẹbí á sì ti gbọ́ ọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kí n sọ èrò mi tààrà kí ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ: ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń gbà yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ká pe ìpàdé ẹbí lé olófòófó lórí, òun gan-an ni ó máa ń parí ohun tí olófòófó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin mọ́gàjí tí ẹjọ́ ẹbí ń kọ́kọ́ dé iwájú yín lè má fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ fara dà á fún mi díẹ̀.

Ẹni tí à ń sọ

Ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá ọ̀tá. Níbi iṣẹ́ ìgbáyégbádùn tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tí ó tú àṣírí tọkọtaya kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó kórìíra wọn. Ẹni tí ó fẹ́ràn wọn ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tí ó sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọkọ, ó sì lè jẹ́ àbúrò ìyá ìyàwó tí ó gbé ẹrù ìyàwó lérí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó gbà pé òun ní ìpín nínú ilé náà, kò sì purọ́. Nígbà tí ayọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n pín in fún un. Nígbà tí wàhálà dé, ó rí i bí ohun tí ó yẹ kí òun náà pín.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú ẹbí ńlá, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ní iyì tirẹ̀. Ẹ wo obìnrin tí ẹsẹ̀ dídùn ti lé kúrò lọ́jà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tí ẹnikẹ́ni kì í bá gbìmọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu, fóònù rẹ̀ kò ní sinmi. Àwọn àgbà ní olófòófó kò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ni ó mọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ọpẹ́ yẹn. Lójú ẹni tí kò rí ẹni kí i láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọpẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Màá padà sórí èyí.

Aṣọ tí òfófó inú ẹbí sì máa ń wọ̀ ni aṣọ àdúrà. "Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí sínú àdúrà o, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ta ni yóò bínú sí àdúrà? Ẹni tí ó sọ ọ́ kò mọ̀ pé òun ṣe àròká; ẹni tí ó gbọ́ ọ kò mọ̀ pé òun gbọ́ àròká. Àwọn méjèèjì á ṣe àmín, ọ̀rọ̀ á sì ti kúrò ní ilé kan bọ́ sí òmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ kan ṣe rìn

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan. Mo to ilé yìí pọ̀ láti ara ọ̀pọ̀ ilé, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wojú ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ọkọ àti ìyàwó ti jọ wà fún ọdún mẹ́ta, ọmọ kò tíì dé. Wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà tí ó mọṣẹ́ kì í yẹ obìnrin nìkan wò, nítorí pé nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ kó tó dé, ìṣòro náà wà lọ́dọ̀ ọkọ tàbí kí ọ̀dọ̀ ọkọ dá kún un. Wọ́n ní kí ọkọ mú àtọ̀ wá fún àyẹ̀wò. Èsì jáde: mílíọ̀nù 9 kòkòrò àtọ̀ nínú mìlílítà kan. Nínú ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021, mílíọ̀nù 16 ni wọ́n fi ṣe ààlà ìsàlẹ̀. Ti ọkọ yìí kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n kéré kì í ṣe òfo. Dókítà sì tún sọ fún wọn pé àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó fi dájọ́, nítorí pé ibà tí ó ṣe ọkùnrin ní oṣù tí ó kọjá pàápàá lè fa iye náà wálẹ̀, àti pé ara ọkùnrin ń lò tó oṣù méjì àbọ̀ sí mẹ́ta kí ó tó pèsè àtọ̀ tuntun. Kí ó lọ tọ́jú ara rẹ̀, kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Owó oògùn àti ti àyẹ̀wò kò sí lọ́wọ́. Ọkọ kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ tí ó fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ó tọ́ ọ lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é. Ó ro gbogbo ẹjọ́ náà fún un. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí fi owó ránṣẹ́, ó sì pé. Oore tòótọ́ ni, òun náà sì ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí pe ìyá wọn nílé: "Dókítà ní àtọ̀ ọmọ yín kò tó o." Ìyá kò sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ọmọ òun kò ní àtọ̀. Àbúrò ìyá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí Wasáàpù ẹbí pé kí gbogbo ilé fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀, pé wọ́n ní ọmọ àwọn kò lè bímọ láéláé. Ọmọ ẹbí kan tí ó wà ní Lọ́ndọ̀nù fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Ìyẹn pe àbúrò rẹ̀ tìbínú-tìbínú: kí ló dé tí ó mọ̀ pé akúra ni ọkọ rẹ̀, tí ó sì dákẹ́?

Ẹ wò ó. Akúra ni ẹni tí ara rẹ̀ kò lè bá obìnrin lò. Nǹkan ọkùnrin yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹni tí ó jókòó tí ó hun irọ́ nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. Ohun tí olúkúlùkù ṣe ni pé ó já apá kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àǹtí já "ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta" sílẹ̀. Ìyá já "ó kéré" sílẹ̀. Àbúrò ìyá kò gbọ́ pé wọ́n ń pè é ní àyẹ̀wò rárá, ìdájọ́ ni ó gbọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ọ̀ràn bá níhìn-ín sì ni ti ọkọ, ẹni tí kò sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ fún ẹni kan.

Ibẹ̀ náà ni a ti máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti jò. Bí ẹnì kan bá pè yín, ẹ tẹ́tí sí ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú ohun tí ó mọ̀. Bí ó bá mọ iye owó oògùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Àǹtí kọjá láìpẹ́, nítorí pé Àǹtí nìkan ni ó gbọ́ iye owó. Bí kò bá mọ̀ ju pé "wọ́n ní kò lè bímọ", ọ̀rọ̀ náà ti kọjá lẹ́nu ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò sì sí ìdí tí ẹ ó fi bá ẹni tí ó wà ní ìkẹyìn jà.

Lálẹ́, láàárín ẹni méjì

Ìyàwó ń sunkún. Ọkọ ń bú ẹbí rẹ̀. Kò tíì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé fóònù.

Ohun tí ó ṣòro jù lálẹ́ ọjọ́ náà ni kí ọkọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Èmi ni mo sọ ọ́ fún Àǹtí." Bí kò bá sọ ọ́, ìyàwó á fura sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, á fura sí nọ́ọ̀sì, á sì fura sí ìyá tirẹ̀. Mo ti rí ìyàwó tí ó lọ dojú kọ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn lórí ohun tí ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ ti jò lóòótọ́, bóyá ìbátan yín kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí ó lọ yọjú wo fáìlì, ọ̀nà mìíràn ni ìyẹn gbà: Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 fi dandan lé e pé kí ilé ìwòsàn pa ọ̀rọ̀ aláìsàn mọ́, ọ̀gá ilé ìwòsàn ni ẹ ó sì kọ̀wé sí, kì í ṣe olórí ẹbí.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n jọ wá gbólóhùn kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì yóò máa sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè. Nínú ilé yìí, ó lè jẹ́: "A wà lọ́wọ́ dókítà, àyẹ̀wò kò tíì parí, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu wa bí ó bá tó sọ." Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí àlàyé. Bí ọkọ bá ń sọ ọ̀kan tí ìyàwó ń sọ òmíràn, àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ni òfófó yóò kọ́ ilé sí.

Àwọn ìyàwó kan máa ń fẹ́ bo ọkọ wọn láṣìírí, wọ́n á ní, "Èmi ni mo ní ìṣòro o, kì í ṣe òun." Inú rere ni, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Kí oṣù kan tó pé, ẹnì kan nínú ẹbí á ti bá ọkọ wá ìyàwó mìíràn, ọ̀rọ̀ tí a fi irọ́ bò á wá di ọ̀rọ̀ tí irọ́ bí lọ́mọ.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti dá wò. Ẹ ó sọ ìtàn ọ̀tọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ ó sọ ọ̀tọ̀ fún ìyá kékeré, kí ẹ lè mọ èyí tí yóò jáde. Ó máa ń mú olófòófó lóòótọ́. Ó sì máa ń jẹ́ kí ìtàn irọ́ méjì tàbí mẹ́ta nípa ìgbéyàwó yín máa rìn káàkiri, tí ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ bí i. Ẹ má ṣe é.

Ta ni yóò lọ bá a

Ọmọ ilé ni kí ó lọ bá ará ilé rẹ̀. Bí olófòófó bá jẹ́ ẹbí ọkọ, ọkọ ni yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹbí ìyàwó, ìyàwó ni. Àwọn ọ̀dọ́ lè rò pé òǹrorò ni àṣà yìí, pé ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fọhùn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tíì sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ilé Yorùbá ṣe rí: gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé ọkọ kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, kì í tilẹ̀ pè wọ́n lórúkọ. Bí ó bá lọ dúró níwájú Àǹtí tí ó ní, "Ẹ tú wa láṣìírí," kí ó tó délé, ẹjọ́ ti yí padà. Wọn kò ní bi Àǹtí léèrè ohun tí ó sọ mọ́. Wọn yóò máa bi ìyàwó léèrè ta ni ó kọ́ ọ láti máa wo ojú àgbà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ti di ọ̀rọ̀ ìwà, kò sì sí ìyàwó tí í jàre ẹjọ́ náà.

Kí ọkọ lọ fúnra rẹ̀, ní òun nìkan. Kì í ṣe lórí fóònù, nítorí pé Àǹtí lè fi fóònù sórí agbóhùnsókè kí ẹni mẹ́ta máa gbọ́ ọ ní yàrá rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí àlejò ń wá kí i. Ìdájí, kí ó tó jáde, ni mo fẹ́ràn jù. Kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó jókòó, kí ó kọ́kọ́ dúpẹ́ owó. Kí ó má dá owó náà padà o! Mo ti rí àwọn tí wọ́n ka owó sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wọn lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n rò pé àwọn ń gba ara àwọn sílẹ̀. Lójú ẹ̀gbọ́n, ìyẹn jọ ẹni tí ó ní òun kì í ṣe àbúrò mọ́.

Lẹ́yìn náà, kí ó sọ ọ́ báyìí, tàbí bí ó bá ṣe rọ̀ ọ́ lẹ́nu:

"Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ lọ́jọ́sí ti dé etí àwọn àna mi. Wọ́n ní akúra ni mí. Ó dùn mí, ojú sì ń tì mí. Mo mọ̀ pé ẹ kò fi ibi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wa, kí ó máa ti ẹnu èmi àti ìyàwó mi jáde."

Kí ó wá dákẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò pè é ní aláròká. Kò ka ohun tí ó ṣe ní ìgbéyàwó àbúrò wọn. Kò mú orúkọ ìyàwó rẹ̀ wá bí ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bí ó ṣe dun òun, àti ohun tí òun ń fẹ́ nìkan ni ó sọ.

Àǹtí yóò fèsì, mo sì lè sọ ohun tí yóò sọ fún yín. Yóò ní, "Ìyá wa nìkan ni mo sọ fún." Kí ọkọ gbà á bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Yóò ní, "Àdúrà ni mo ní kí wọ́n gbà." Kí ọkọ ní, "Mo mọ̀, Àǹtí. Ẹ máa gbàdúrà fún wa, ẹ ṣáà fi orúkọ wa nìkan gbà á, Ọlọ́run mọ ìyókù." Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ó le jù yóò wá dé: "Ṣé ìyàwó rẹ ni ó rán ọ wá?" Bí ọkọ bá yà bàrá níbẹ̀, tí ó ní, "Ẹ mọ̀ bí àwọn obìnrin ṣe rí," ó ti ta ìyàwó rẹ̀. Ìdáhùn kan ni ó wà: "Ara tèmi ni wọ́n yẹ̀ wò, Àǹtí. Èmi ni mo wá."

Bí ó bá sunkún, kí ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kí ó má sì tìtorí ẹkún náà ní, "Kò burú, ẹ gbàgbé rẹ̀." A kò gbọdọ̀ fi ẹkún pa ohun tí a wá sọ rẹ́.

Títún un ṣe láìpe ìpàdé

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ìpàdé tí mo fi dá yín lágara níbẹ̀rẹ̀. Nínú ilé tí mo to pọ̀ yìí, àwọn tí ó gbọ́ ohùn orí Wasáàpù kò tíì tó ìdajì ẹbí. Àwọn kan kò ṣí i. Àwọn kan ṣí i, wọn kò gbọ́ ọ dé ìparí, nítorí pé ohùn àbúrò ìyá máa ń gùn. Bí mọ́gàjí bá wá pe gbogbo ilé jọ lọ́jọ́ Àìkú láti yanjú ọ̀rọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni pé yóò sọ fún àwọn tí kò gbọ́. Àǹtí yóò sì ní láti gbèjà ara rẹ̀ lójú èrò, ohun tí kò ní lè sọ ní yàrá ni yóò sọ níbẹ̀, títí kan iye owó tí ó san. Bákan náà ni fún ẹni tí ó bá lọ fèsì gígùn sórí Wasáàpù ẹbí. Ẹni tí kò ka ti àná yóò lọ wá a kà.

Kí wọ́n bẹ ẹni tí ó fi ohùn síbẹ̀ kí ó pa á rẹ́, bí àkókò tí Wasáàpù fi sílẹ̀ fún ìyẹn kò bá tíì kọjá. Alákòóso Wasáàpù ẹbí náà sì lè bá wọn pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn kò ní tìtorí ìyẹn parẹ́, nítorí náà ibẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ wà.

Iṣẹ́ wà lórí ohun tí ó jábọ́ lójú ọ̀nà. Kí ọkọ bẹ Àǹtí pé kí ó padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó sọ fún, kí ó dá apá tí ó já sílẹ̀ padà: "Mi ò sọ ọ́ tán lọ́jọ́sí. Àyẹ̀wò kan ni wọ́n ṣe, òmíràn ń bọ̀, dókítà kò sọ pé kò lè bímọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àǹtí mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún ìyá wọn tí kò fi ní dójú ti ara rẹ̀. Ọkọ náà yóò sì lọ sọ́dọ̀ ìyá fúnra rẹ̀, nítorí pé ìyá tí kò sùn kò lè fi ẹnu ẹlòmíràn sùn. Ìyàwó ni yóò bá ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà tí òun àti ọkọ rẹ̀ fẹnu kò sí. Kí ó má ṣe fi ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí i láti fi gba ọkọ rẹ̀ lẹ́nu èèyàn. Ìwé náà yóò tún rìnrìn àjò tirẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Bí Àǹtí bá ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè kà á kún ẹni, ẹ kà á kún ẹni. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ àwọn ìròyìn tí ẹ fẹ́ kó tàn: ilé tuntun tí ẹ fẹ́ kó lọ, iṣẹ́ tí ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ẹ máa pè é láìsí ẹjọ́ lẹ́nu. Mo ti rí ibi tí èyí nìkan ti tán ọ̀rọ̀. Mo sì ti rí ibi tí kò ran nǹkan kan.

Ẹ óò mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ìbátan kan ní Ìjẹ̀bú bá pè yín láti béèrè pé ọjọ́ wo ni àyẹ̀wò kejì bọ́ sí, ẹnu Àǹtí kò tíì sinmi. Kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́ nígbà náà. Ẹ yé fún un ní ohun tí yóò gbé. Kò gbọdọ̀ mọ ọjọ́, kò gbọdọ̀ mọ ilé ìwòsàn. Èyí tí ó sì ṣòro fún àwọn ọkọ láti gbọ́ ni pé kò gbọdọ̀ sí owó rẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń fowó sí nǹkan yóò béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ gba owó rẹ̀ kí ẹ kọ̀ láti fèsì. Ẹ lọ yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ kó àjọ, ẹ sún ìtọ́jú síwájú bí dókítà bá gbà. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ní èlé, ṣùgbọ́n kì í pe ìyá yín lálẹ́. Bí ẹ bá sì nílò àgbà láti bá Àǹtí sọ̀rọ̀, ẹ mú ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń bẹ̀rù, kí ẹni náà lọ bá a ní kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti nílò ẹ̀yin mọ́gàjí: ní yàrá, kì í ṣe ní gbàgede.

Mo rí i lójú àwọn kan pé ẹ fẹ́ mọ èsì àyẹ̀wò kejì. Ilé tí mo to pọ̀ ni, síbẹ̀ mi ò ní sọ fún yín.

Ibi tí ìkọ̀kọ̀ parí sí

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí kò kan ilé tí wọ́n ti ń na ìyàwó, tàbí tí wọ́n ti ń na ọkọ, nítorí pé èyí náà wà. Mo ti gbọ́ tí ọkọ tí ó ń lu ìyàwó rẹ̀ pe àbúrò ìyàwó ní olófòófó torí pé ó sọ ọ́ síta. Kì í ṣe olófòófó. Òfin tí ó de ìwà ipá sí ọmọnìyàn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ti wà láti 2007, kò ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìkan. Ìbátan tí ó bá rí ojú wíwú, kí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí ó lè dá a dúró: òbí tí yóò mú ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí kò lè dá ẹ̀ṣẹ́ dúró.

Ẹ̀bẹ̀ mi

   

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní kí n tó jókòó. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, tí ẹ rí ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tí wọ́n gbé sórí Wasáàpù ẹbí yín ní orúkọ àdúrà, ẹ má ṣe àmín síbẹ̀. Ẹ pe ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ẹ ní kó pa á rẹ́.